Túúlu: Oògùn Tó Ń Lé E Lọ àti Oògùn Tí Kì Í Jẹ́ Kó Wá

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọkọ̀ máa ń kún òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láti Ibafo títí kọjá Mowe, nítorí ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ tí ìjọ Rìdíìmù ń ṣe mọ́jú ní Rìdẹ́ńṣọ̀n Káǹpù. Bí èrò bá ń darí sílé ní àárọ̀ Sátidé, ẹ ó rí àwọn kan láàárín wọn tó fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ orí kan mú. Wọn ò fẹ́ kí oòrùn kan ojú wọn, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ sókè, òórùn epo ọkọ̀ lásán ti tó láti mú kí èébì gbé wọn. Àwọn ará ilé á ní ibà ni. Bẹ́ẹ̀ ara wọn kò gbóná, bí a bá sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, a kì í bá kòkòrò ibà níbẹ̀. Túúlu ló ń dà wọ́n láàmú.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ká lè rí bí nǹkan ṣe ń lọ. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ìyá Bọ́lá, ẹni ọdún 34, tó ń ta òkìrìkà ní Ibafo. Ó gbààwẹ̀ ní Jímọ̀, ó wà lábẹ́ oòrùn títí di aago mẹ́rin, ó há sínú gòsílóò, ó sì fojú mọ́jú ní Káǹpù. Ní aago méje àárọ̀ Sátidé, orí bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú kìkì lápá òsì.

Ẹni tó bá wo ọ̀rọ̀ yìí lóréfèé á sọ pé aago méje ni túúlu bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá Bọ́lá ti ń yán ṣáá, tí ọrùn rẹ̀ ń le, tí inú ń bí i láìnídìí, tí ohun dídùn sì ń wù ú jẹ. Ibì kan wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó ń ṣètò oorun, ebi àti òǹgbẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹni tó ní túúlu, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yí padà, nígbà mìíràn ó tó ọjọ́ kan tàbí méjì kí orí tó fọ́. Èyí ló fà á tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má yára dá ṣokoléètì lẹ́bi. Ó lè jẹ́ pé àìsàn náà ti wọlé kí ẹnu tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ohun dídùn.

Àwọn kan, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, máa ń rí nǹkan lójú kí orí tó fọ́: ìlà iná tó rí kọ́lọkọ̀lọ, tó ń tàn yanran, tó sì ń gbòòrò díẹ̀díẹ̀. Ní 1944, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì kan, Aristides Leão, ṣàpèjúwe ohun tí a gbà lónìí pé ó ń fà á. Ìgbì kan máa ń gba orí èèpo ọpọlọ kọjá. Bó bá ti dé ibì kan, iṣẹ́ ibẹ̀ á kọ́kọ́ ru sókè, lẹ́yìn náà á wálẹ̀ pátápátá fún ìgbà díẹ̀. Ìgbì náà kò yára, nǹkan bíi mìlímítà 3 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí pé apá ẹ̀yìn ọpọlọ, tó ń bá ojú ṣiṣẹ́, ló sábà máa ń kọ́kọ́ bá, iná ni ènìyàn ń rí. Láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 60, ó ti kọjá lọ.

Ìrora náà wá ńkọ́? Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Awọ tó bo ọpọlọ àti àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú awọ náà ló ń mọ̀ ọ́n, iṣan ìmọ̀lára ńlá ẹlẹ́ka mẹ́ta, èyí tó ń sin ojú, imú àti eyín, ló sì ń gbé ìròyìn ìrora náà lọ. Bí túúlu bá gbéra, iṣan yìí á tú èròjà kan tí à ń pè ní CGRP sórí awọ náà. Èròjà yìí máa ń fẹ òpó ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí iṣan náà tètè gbaná jẹ, débi pé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ kúlú nínú òpó rẹ̀, tí a kì í mọ̀ lójoojúmọ́, á wá di òòlù lórí. Ìdí nìyẹn tí títẹ̀ wólẹ̀ àti gígun àtẹ̀gùn fi ń dá kún un. Nígbà kan rí, àwọn onímọ̀ gbà pé fífẹ̀ òpó ẹ̀jẹ̀ nìkan ni gbogbo àìsàn náà. Lónìí a mọ̀ pé iṣan àti ọpọlọ ló ń darí rẹ̀.

Bí wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kọjá láìsí ìtọ́jú, inú ọpọlọ gan-an á bá iṣan gbaná jẹ. Ìyá Bọ́lá tú gèlè rẹ̀, nítorí gèlè tó ń kan irun rẹ̀ ti di ìrora. Kò lè ya irun, kò lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Ẹ fi àmì yìí sọ́kàn dáadáa, nítorí ó ń sọ fún wa pé ọwọ́ oògùn kò ní í fi bẹ́ẹ̀ ká a mọ́. Bí a bá fi sílẹ̀, túúlu lè lo wákàtí 4 sí 72.

Kí ló wá fa ti Sátidé yìí? Ẹ má wá ẹyọ ohun kan ṣoṣo. Ọpọlọ ẹni tó ní túúlu, èyí tó sábà máa ń jẹ́ àjogúnbá, dà bí dúrọ́ọ̀mù tí omi ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ààwẹ̀ bu omi sí i, òǹgbẹ bu sí i, oorun tí kò sùn, iná mọ̀nàmọ́ná tó ń tàn yòò lójú rẹ̀ àti èéfín jẹnẹrétọ̀ náà bu tiwọn sí i. Bó bá wá bọ́ sí àsìkò tí nǹkan oṣù fẹ́ dé, tí èròjà obìnrin tí à ń pè ní ẹsitirójìn ń lọ sílẹ̀ nínú ara rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù náà á kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ó lè gbààwẹ̀ nìkan lóṣù tó kọjá kí nǹkan kan má ṣe é. Ẹni tó máa ń jẹ obì tàbí mu tíì lójoojúmọ́ náà lè rí ẹ̀fọ́rí nígbà ààwẹ̀, nítorí kaféènì inú wọn tó já lára rẹ̀ lójijì. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí ìsìn o. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ara rẹ̀ lè sùn lọ́sàn-án Jímọ̀, kó jẹun kó tó wọkọ̀, kó mú ike omi dání, kó sì yan ọjọ́ mìíràn fún ààwẹ̀.

Ìtọ́jú pín sí ọ̀nà méjì, àdàlù méjèèjì ló sì ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Àkọ́kọ́ ni oògùn tí à ń lò nígbà tí orí bá ti bẹ̀rẹ̀, láti lé túúlu lọ. Fún àgbàlagbà, a lè lo aibupurofíìnì mílígíráàmù 400, tàbí ásípíríìnì 900, tàbí parasitámọ́ọ̀lù 1,000, èyí tó jẹ́ hóró méjì oní-500. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ sún mọ́ ásípíríìnì àti aibupurofíìnì, aláboyún gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó lo èyíkéyìí nínú wọn, a kì í sì í fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16 ní ásípíríìnì. Àkókò ló ṣe pàtàkì jù: kí a lò ó láàárín wákàtí àkọ́kọ́ tí orí bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé gèlè ń dunni. Ìdí mìíràn tún wà. Bí túúlu bá ń lọ lọ́wọ́, ikùn kì í lọ oúnjẹ dáadáa mọ́, oògùn á kàn jókòó síbẹ̀ láìwọnú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí dókítà fi oògùn èébì bíi mẹtokilopúrámáìdì kún un. Bí ìwọ̀nyí kò bá ran án, sumatíríptáànì wà, tó ń dá ìtújáde CGRP dúró. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò rọlẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó.

Wàyí o, Ìyá Bọ́lá rí i pé oògùn ń ràn án lọ́wọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọ̀pọ̀ àárọ̀ kó tó lọ sọ́jà, kí orí má baà fọ́. Ètù Alábùkún ló yàn. Ètù yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Jacob Sogboyega Odulate ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Abẹ́òkúta ní 1918, ásípíríìnì àti kaféènì ló sì wà nínú rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ bí orí bá fọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n oògùn tó bá ní kaféènì nínú kò gbọdọ̀ tó ọjọ́ 10 lóṣù. Parasitámọ́ọ̀lù tàbí aibupurofíìnì lásán kò gbọdọ̀ tó ọjọ́ 15. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, oògùn fúnra rẹ̀ lè máa fa ẹ̀fọ́rí. Nígbà tí Ìyá Bọ́lá fi bírò sàmì sí kàlẹ́ńdà fún oṣù kan, ó rí i pé ọjọ́ 6 ni túúlu gidi mú un, ṣùgbọ́n ọjọ́ 13 ló lo ètù. Ẹ̀fọ́rí fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jí i láràárọ̀ kò ṣẹ̀yìn oògùn tó rò pé ó ń gba òun. Bó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, orí lè kọ́kọ́ le sí i fún ọjọ́ díẹ̀, nígbà mìíràn títí dé ọjọ́ 10, kó tó rọlẹ̀.

Ohun tó ń wá wà nínú ìtọ́jú kejì, èyí tí à ń lò lójoojúmọ́, orí fọ́ tàbí kò fọ́, láti mú kí dúrọ́ọ̀mù jinlẹ̀ sí i. Ó tọ́ kí a bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí túúlu bá ń gba ọjọ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tàbí bí kò bá jẹ́ kí ènìyàn rí iṣẹ́ ṣe. Oògùn ọ̀hún kì í ṣe àjèjì, kò sì wọ́n jù. Púrópúránọ́lọ́ọ̀lù, tí a mọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, wà lára wọn, ṣùgbọ́n a kì í fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Amitíríptílíìnì náà wà, mílígíráàmù 10 tàbí 25 lálẹ́. Ó máa ń múni sùn, ó sì máa ń mú ẹnu gbẹ. Láti 2018 ni abẹ́rẹ́ tó ń dojú kọ CGRP gan-an ti dé, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe owó ẹni tó ń ta òkìrìkà.

Ibí ni sùúrù ti ń tán. Oògùn ìdènà kì í pa ìrora tòní. Bí Ìyá Bọ́lá bá lò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó jù ú nù, kò tí ì dán an wò. A ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré, à ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, a sì ń fún un ní oṣù méjì sí mẹ́ta. Kàlẹ́ńdà ló máa ṣèdájọ́: bí ọjọ́ 6 bá di 3, oògùn náà yege, nítorí ìdajì là ń wá. Ó ṣì nílò oògùn àkọ́kọ́ yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta tó kù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ sí í dín ti ìdènà kù.

Ẹni tó wà ní agbègbè Mowe àti Ibafo lè gbé kàlẹ́ńdà rẹ̀ lọ bá dókítà tó sún mọ́ ọn, kí wọ́n kọ̀wé gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣágámù bó bá gba bẹ́ẹ̀. Àmọ́ o, bí ẹ̀fọ́rí bá kọlu ènìyàn lójijì, tó sì dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú kan, bó bá bá ibà àti ọrùn líle rìn, bí apá kan ara bá rọ tàbí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìṣubú, nínú oyún, tàbí bó bá jẹ́ pé ẹni tó ti lé ní 50 ọdún ni irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe, ẹ má pè é ní túúlu, ẹ má sì dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́. Ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.