Ṣé Mo Ti Ba Káfíńtà Lórúkọ Jẹ́ Lórí Facebook?

Ìbéèrè: Lọ́yà, Rumuokwurushi ni mò ń gbé, ní Port Harcourt. Mo san 240,000 náírà fún kọ́bọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fi yọ. Mo pè wọ́n títí, wọn ò dáhùn. Mo wá kọ ọ́ sórí Facebook pé ilẹ̀kùn yọ, pé iṣẹ́ náà kò tó owó tí mo san, àti pé olè ni wọ́n, jìbìtì ni wọ́n ń lu gbogbo ẹni tó bá rajà níbẹ̀. Lọ́yà wọn ti kọ̀wé sí mi. Ṣé mo ti rúfin? B.A.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, owó tó tóbi bẹ́ẹ̀ máa ń dunni. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yín wò, nítorí gbólóhùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ààbò wọn kò sì dọ́gba.

Tí wọ́n bá pè yín lẹ́jọ́, wọn á fi hàn pé ẹlòmíràn ka ọ̀rọ̀ náà, pé àwọn ni ẹ ń bá wí, àti pé ó lè lé oníbàárà wọn sá. Àwòrán ṣọ́ọ̀bù tàbí àdúgbò tó ṣeé dá mọ̀ tó, bí ẹ ò tilẹ̀ dárúkọ wọn.

"Ilẹ̀kùn yọ" jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni ààbò yín níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì mú ẹ̀rí rẹ̀ wá: rìsíìtì, fọ́tò tó ní ọjọ́, àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn.

"Kò tó owó tí mo san" jẹ́ èrò yín. Ilé ẹjọ́ a máa dáàbò bo èrò tí ẹnì kan sọ láìsí ìkórìíra, tó bá dúró lórí òótọ́ tó kan aráàlú. Bí ẹ bá rọ́ ìtàn ilẹ̀kùn náà kí ẹ tó sọ èrò yín, ẹni tó ń kà á á lè ṣèdájọ́ fúnra rẹ̀.

"Olè" àti "jìbìtì" ni ewu. Ẹ ti fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn wọ́n nìyẹn, kọ́bọ́ọ̀dù kan tí kò dára kò sì lè jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n ń lu gbogbo oníbàárà ní jìbìtì. Kíkọ "lójú tèmi" síwájú rẹ̀ kò gbà yín.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní oṣù September 2023, obìnrin kan kọ ọ́ sórí Facebook pé ṣúgà pọ̀ jù nínú tòmátò Nagiko tí ilé-iṣẹ́ Erisco Foods ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ náà fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá, wọ́n mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. "Ṣúgà pọ̀ jù" jẹ́ èrò lórí adùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá ní ó tún kọ̀wé pé kí wọ́n yéé fi ọjà náà pa èèyàn. Irú gbólóhùn yìí ni lọ́yà máa ń dì mú. Ní 2024, wọ́n tún abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe: ọ̀rọ̀ tí èèyàn mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fẹ́ fi da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí wewu, ló ń lépa báyìí. Ẹjọ́ owó ìbanilórúkọjẹ́ ṣì wà lọ́tọ̀.

Lónìí, ẹ ya àwòrán ọ̀rọ̀ yín bó ti wà, kí ẹ fi í pamọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ gbólóhùn olè àti jìbìtì kúrò, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi ìtàn ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹ má tún ọ̀rọ̀ náà sọ lórí WhatsApp, nítorí ìtẹ̀jáde tuntun ni ìyẹn náà. Kí lọ́yà tiyín dáhùn lẹ́tà wọn kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, kí ẹ sì kó ẹjọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ sọ́dọ̀ àjọ FCCPC, tí ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà.