Ọ̀FỌ̀ TÍ Ó DÉ ṢÁÁJÚ IKÚ

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àwọn obìnrin
Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 47:27-31, 49:33 títí dé 50:14, 2 Sámúẹ́lì 12:15-24



Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ̀, arábìnrin wa kan ní Agboju níbí sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Ó ní, “Mo ṣebí mo ti sunkún Màmá tán kí wọ́n tó kú. Kí ló dé tí ẹkún yìí tún bẹ̀rẹ̀?” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí. Ó ti fún mi láyè láti sọ ìtàn náà, bí n kò bá ṣáà ti dárúkọ òun.

Ìyá rẹ̀ ti lé ní ẹni ọdún 75 nígbà tí ó lọ mú wọn wá láti Ṣàgámù sí ilé rẹ̀. Kò sí àìsàn kan pàtó tí ènìyàn lè tọ́ka sí nígbà náà. Owó kíkà ni ó kọ́kọ́ lọ: màmá tí ó ti ta gàrí láti ìgbà èwe wọn kò lè ṣẹ́ ṣéńjì mọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìkòkò ka iná, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ títí tí ó fi jó. Ní ọdún kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pe ọmọ wọn ní orúkọ àbúrò wọn tí ó ti kú tipẹ́. Àwọn kan ní màmá ń ṣarán, wọ́n ní ogbó ni. Dókítà ní àrùn ọpọlọ ni, pé kò sí oògùn tí yóò dá ọjọ́ àná padà, àti pé ìtọ́jú ni ó kù.

Ó wá ku ohun kan tí arábìnrin yìí fẹ́ràn jù. Ní àràárọ̀, kí ó tó lọ sí ọjà, ìyá rẹ̀ a máa fi oríkì rẹ̀ kì í, oríkì tí ẹlòmíràn kì í pè é. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Màmá wo ojú rẹ̀ títí, wọ́n ní, “Ẹ ǹlẹ́ o. Ta lẹ ń wá?” Ó dìde, ó lọ sí ọjà, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó sì jókòó sẹ́yìn ọjà rẹ̀, ó ń sunkún. Nígbà tí ará ìsọ̀ rẹ̀ bi í léèrè, ó ní ojú ni ó ń dun òun. Kí ni ì bá sọ? Ta ni ó kú?

Ẹ̀yin arábìnrin, nǹkan kan kú lọ́jọ́ náà. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn mọ irú ìbànújẹ́ yìí, wọ́n sì fún un ní orúkọ tirẹ̀: ọ̀fọ̀ tí ó ṣáájú ikú. Dókítà Erich Lindemann ní ìlú Bọ́sítìnì, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1944. Iná ńlá kan ti jó ilé ijó kan ní ìlú náà ní ọdún 1942, ó pa ènìyàn 492, Lindemann sì wà lára àwọn tí ó tọ́jú àwọn tí ó yè àti àwọn ẹbí tí ó ṣẹ́ kù. Bí ó ti ń kọ̀wé nípa ẹ̀dùn ọkàn wọn, ó tún ṣàkíyèsí àwọn tí òkú kò tíì sùn fún, ìyẹn àwọn aya tí ọkọ wọn wà lójú ogun. Òmíràn nínú wọn ti ronú ikú ọkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ti sunkún rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ padà dé láàyè, kò sí àyè fún un mọ́. Ẹ fi ìtàn àwọn aya wọ̀nyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Níbo wá ni ọ̀fọ̀ yìí ti yàtọ̀ sí èyí tí a ń ṣe lẹ́yìn ikú? Mo rò pé ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù ni pé kò ní ọjọ́. Ikú ní ọjọ́ tí a lè kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n òbí tí ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ ń lọ ní ìdá, ìdá náà a sì tún máa padà. Lóṣù kan lẹ́yìn àárọ̀ tí mo sọ yìí, màmá ṣàdédé kì í ní oríkì, láìṣì kan, wọ́n sì ní kí ó má ṣe pẹ́ lọ́jà. Ayọ̀ kún inú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì wọn kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó sọ fún mi pé ọjọ́ kejì yìí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí òkú sùn fún kì í rí irú ìyẹn. Ó mọ̀ pé ẹni náà kò ní wọlé mọ́.

Èkejì ni pé kò sí ẹni tí ń bá ọ ṣe é. Bí òbí bá kú, a mọ ohun tí a ó ṣe: a ó lọ kí wọn, a ó gbé omi àti ìrẹsì lọ, ẹgbẹ́ yóò ra aṣọ, a ó kọrin, a ó ní Ọlọ́run yóò tù wọ́n nínú. Fún ẹni tí òbí rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni a ní: “Ọlọ́run á wò wọ́n sàn.” Àdúrà rere ni, n kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n a sábà máa ń fi í pa ọ̀rọ̀ dé, ni. Bí a ti sọ ọ́ tán, arábìnrin náà kò lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́, kí ó má baà dà bí ẹni tí kò nígbàgbọ́.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ojú ń tì wá láti sọ. Ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ṣáájú ikú ń ṣe é pẹ̀lú iṣẹ́. Ó ń fọ aṣọ tí ó tutù, ó ń fi síbí bọ́ ènìyàn, ó ń jí lóru nígbà tí màmá bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn lọ sí Ṣàgámù. Ní òru ọjọ́ kan, ọkàn rẹ̀ yóò sọ pé, kí èyí parí ná. Nígbà náà ni ẹ̀rí ọkàn yóò dìde sí i pé ó ń fẹ́ ikú ìyá rẹ̀. Ní ọdún 2003, àwọn oníwàádìí ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nípa 217 ènìyàn tí wọ́n tọ́jú ará ilé wọn tí ó ní àrùn ìgbàgbé títí dé ikú. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 72 ni ó sọ pé ikú náà jẹ́ ìtura fún àwọn. Àwọn wọ̀nyí ni ó fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú aláìsàn, wọn kò sì kórìíra rẹ̀. Kí ìyà náà parí ni wọ́n ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Bíbélì. A sábà máa ń lo ìtàn Dáfídì fún ẹni tí ó ti tọ́jú aláìsàn pẹ́: ó gbààwẹ̀, ó sunkún nígbà tí ọmọ ń ṣàìsàn, nígbà tí ọmọ kú, ó dìde, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó sì jẹun. A ó wá ní kí arábìnrin wa ṣe bẹ́ẹ̀ náà, pé ó ti sunkún tó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 7 péré ni àìsàn ọmọ náà. Ẹ tún ka ẹsẹ 24, èyí tí a kì í kà dé: Dáfídì ní láti tu Bátṣébà nínú. Bí bàbá ti jẹun tán, ìyá ọmọ ṣì wà nínú ọ̀fọ̀.

Ìtàn Jósẹ́fù ni ó bá ti òbí mu. Ọdún 17 ni Jákọ́bù lò ní Íjíbítì. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó ṣàìsàn, a ránṣẹ́ pe Jósẹ́fù. Jósẹ́fù mọ̀ pé bàbá òun ń lọ. Ó ti búra nípa ibi tí yóò sin ín sí, ó ti mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá gba ìre. Kò sí ohun tí a kò sọ tán. Síbẹ̀ nígbà tí Jákọ́bù mí èémí ìkẹyìn, Jósẹ́fù ṣubú lé e lójú, ó sunkún, ó sì fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Àwọn ará Íjíbítì ṣọ̀fọ̀ fún ọjọ́ 70, Jósẹ́fù sì tún ṣe ọjọ́ 7 mìíràn lójú ọ̀nà ibojì. Ìmúrasílẹ̀ kò gba ẹkún kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí àwọn oníwàádìí rí náà nìyí: ẹni tí ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ wúwo jù ṣáájú ikú ni ó sábà máa ń wúwo fún jù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹkún ìṣáájú kì í ṣe àsansílẹ̀. Arábìnrin wa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi dáadáa ju ìwé lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó sùn, ara tù ú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń jí ní aago márùn-ún àárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì rí nǹkan ṣe. Nígbà tí ó yá, màmá tí ń ta gàrí, tí ń kì í, tí kò ṣàìsàn rí, padà wá sí ìrántí rẹ̀. Fún ọdún mẹ́rin, aláìsàn ni ó ti ń rí. Ìgbà tí aláìsàn náà lọ ni ó tó ráyè sunkún ìyá rẹ̀ gan-an.

Àwọn aya ológun wá ńkọ́? Ewu tiwọn wà nínú ilé wa náà. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti pín aṣọ màmá nígbà tí màmá ṣì wà nínú yàrá, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí wọn bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀, tí ọmọ ọ̀dọ̀ nìkan ni ó ń wọlé tọ̀ wọ́n. Kì í ṣe ìwà ibi ni ó sábà fa èyí. Ọkàn tí ó ti ń ṣọ̀fọ̀ pẹ́ jù ni ó ti sin òkú rẹ̀ láàyè. Bí o bá rí i pé o ti ń sá fún yàrá náà, jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, di ọwọ́ wọn mú, kọ orin tí wọ́n mọ̀. Ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ ṣì lè mọ orin ìgbà èwe rẹ̀. Màmá tí mo ń sọ yìí gbe orin títí di oṣù tí ó kẹ́yìn.

Bí òbí bá ṣì lè sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́, ibi tí wọ́n fẹ́ sùn sí, ẹni tí wọ́n fẹ́ bá rẹ́. Ẹ̀rù ń bà wá pé a ó dà bí ẹni tí ń pe ikú wá. Jákọ́bù fúnra rẹ̀ ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ní ti àwa olùbẹ̀wò, kí á má ṣe máa kí aláìsàn nìkan. Ẹ bi ọmọ léèrè pé, “Kí ni ó yí padà lára Màmá lóṣù yìí?” kí ẹ sì dákẹ́ kí ó dáhùn. Kí ẹni méjì gba wákàtí méjì lọ́sẹ̀ jókòó ti màmá, kí ó lè lọ sí ọjà tàbí kí ó kàn sùn. Lẹ́yìn ìsìnkú, kí á má ṣe yọwọ́ lẹ́yìn aṣọ ẹbí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọ̀fọ̀ tí ó bá kọjá oṣù 6, tí ó sì ń dí ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ àti ayé rẹ̀ ju bí àṣà rẹ̀ ti fàyè gbà lọ, sí àìsàn tí ó yẹ kí dókítà rí. Ẹni tí ó bá ń sọ pé òun fẹ́ tẹ̀ lé ẹni tí ó lọ, ẹ má dúró de oṣù kankan, ẹ mú un lọ ní ọjọ́ náà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
Nínú ìjọ wa, ta ni ó ń tọ́jú òbí báyìí tí a kò tíì bi léèrè bí ara òun fúnra rẹ̀ ti rí?
Kí ni ìwọ ti pàdánù lára òbí rẹ tí ó ṣì wà láàyè, tí o kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni?