Ẹ Má Tètè Kọ “Ẹ Kú Aráfẹ́rakù”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ gba Líbíà wọ ọkọ̀ ojú omi, tí ẹ gúnlẹ̀ sí Ítálì tí ẹnìkejì yín ò gúnlẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ó lè jẹ́ pé ìwé tí ẹ bá kọ sílé nìkan ni ẹ̀rí tí ìdílé rẹ̀ máa rí gbà.

Wọ́n ní kí n ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ìyá kan ládùúgbò wa. “Ẹ kú aráfẹ́rakù, Màmá” lẹni tó kọ ọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ó ní kí wọ́n má bọkàn jẹ́, bóyá ọmọ náà wà lẹ́wọ̀n níbì kan. Màmá di apá mi mú: “Ṣé ojú ara rẹ̀ ló fi rí i ni, àbí wọ́n sọ fún un?” Mo yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀. Ó sin ọmọ ọlọ́mọ, ó tún hú u, nínú ojú ìwé kan ṣoṣo.

Ẹni tí ẹ bá kí ní “aráfẹ́rakù” ti di ọlọ́fọ̀ nìyẹn. Ẹni tí ẹ bá sì pè ní “olóògbé” ti kú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ìdílé fẹnu ara wọn sọ ọ́ ná. “Ẹ kú ìfaradà” ti tó. Ẹ má sì fi “yóò dé láyọ̀” bo ohun tí ẹ rí mọ́lẹ̀.

Ẹ má da “mo rí i” pọ̀ mọ́ “wọ́n ní.” Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì la kúrò létíkun. Ọkọ̀ dojú dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo rí i tó di okùn mú. Ìgbì mìíràn lù wá, mi ò rí i mọ́. Nígbà tí àwọn tó yọ wá kà wá, kò sí láàrin wa. Mi ò rí òkú rẹ̀. Lọ́kàn tèmi, omi ló gbé e lọ.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn le, àmọ́ ẹ má yọ ọ́. Wọ́n fẹ́ mọ èrò yín, kí wọ́n sì mọ̀ pé èrò ni.

Ẹ kọ déètì, ẹ kọ àwọ̀ aṣọ, àpá ara àti eyín tó kán. Wọ́n lè wúlò lẹ́yìn ọ̀la: ọkọ̀ kan tó rì lójú ọ̀nà yìí kan náà ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2015, ọdún 2016 ni wọ́n tó gbé e sókè látìsàlẹ̀ òkun. Eyín, ohun tó wà lápò àti itọ́ ẹnu àwọn ẹbí wà lára ohun tí àwọn dókítà Ítálì fi ń wá orúkọ àwọn òkú inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa náà máa ń bá ìdílé wá ẹni tó sọnù. Bí ẹ bá sọ fún ìdílé pé irú ìwákiri yìí wà, ẹ sọ ọ́ tán: ó lè jẹ́ orúkọ orí sàréè ni wọ́n máa rí.

Ẹ má fi ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá ọmọ. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kó jókòó tì í kà á. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sísàlẹ̀. Wọ́n á pè yín, wọ́n á tún béèrè nípa okùn yẹn. Ẹ dá wọn lóhùn bí ẹ ṣe kọ ọ́, láìbù kún un, láìyọ níbẹ̀.