Ẹ̀KỌ́ WA: BÍ OWÓ SÍSAN LÓRÍ FÓÒNÙ BÁ Ń YÍ ṢÁÁ

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, bí ẹ bá ń ra ọjà lórí fóònù tí ibi owó sísan ń yí ṣáá, ẹ má tún un tẹ̀. Ẹ yẹ àkáǹtì yín wò. Bí owó bá ti jáde, ẹ má san ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wá ṣí nǹkan mìíràn lórí fóònù náà. Bí kò bá ṣí, dátà tàbí fóònù ló ń ṣe é. Bí ó bá ṣí, ẹ bi ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì, tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn. Bí tirẹ̀ náà bá ń yí, ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ló ti bàjẹ́.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Àbíjáàn. Owó sísan àwọn báńkì kan há ní Nàìjíríà. Kí a pa fóònù ká tún un tàn kò lè wo ìyẹn sàn. Sùúrù la fi dúró dè é.