Aago Oníbàárà Yín Ló Yí

ÌBÉÈRÈ: Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ní aago mẹ́sàn-án, ni mo máa ń lọ láìfù lórí Ínsítágíráàmù láti tú ẹrù tuntun fáwọn oníbàárà mi. Húsítìnì ni àwọn tó ń rà jù wà, Lọ́ńdọ̀nù ló tẹ̀ lé e, àwọn díẹ̀ sì wà ní Tòróńtò àti Dùbáì. Nínú oṣù Kẹta ọdún 2026 yìí, àwọn ará Húsítìnì ní àwọn dé, àwọn ò bá mi, pé àwọn fi wákàtí kan dúró. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Nígbà tí oṣù náà ń parí lọ, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tún ń sọ ohun kan náà. Bẹ́ẹ̀, aago mẹ́sàn-án gééré ni mò ń bẹ̀rẹ̀, n ò yẹ̀ ẹ́ rí. Ọmọ mi ní kí n máa lọ láìfù lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ kan. Ṣé ara mi á gbé e? — Ìyá Aláṣọ-òkè, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́, ẹ̀yin náà ò sì pẹ́ dé ìsọ̀. Aago wọn lọ́hùn-ún ló yí, tiyín ò yí. Aago Nàìjíríà kì í kúrò lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà àti Kánádà, pẹ̀lú àwọn ará Ìlú Ọba, a máa ti tiwọn síwájú ní wákàtí kan nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí ilẹ̀ lè pẹ́ kó tó ṣú, wọ́n á sì dá a padà bí òtútù bá tún ń bọ̀.

Ohun tó wá dá wàhálà yín sílẹ̀ gan-an ni pé wọn kì í yí i lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta ni ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà ni ti Ìlú Ọba. Lọ́dún yìí, ọjọ́ 8 ni ti àkọ́kọ́ bọ́ sí, ọjọ́ 29 ni ti èkejì. Ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ fi dé bá yín lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òtútù, bí aago mẹ́sàn-án bá lù ní Ọ̀yọ́, aago mẹ́jọ alẹ́ ló lù ní Lọ́ńdọ̀nù, aago méjì ọ̀sán ló sì lù ní Húsítìnì. Ẹni tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní Húsítìnì á bọ́ gèlè sílẹ̀, á gbé fóònù ti ara ògiri nílé ìdáná, yóò máa bu oúnjẹ bí ẹ ṣe ń tú sányán àti àlàárì. Aago méjì ti mọ́ ọn lára. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, aago mẹ́sàn-án yín di aago mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbé fóònù ní aago méjì tó mọ̀, kò bá yín, nítorí aago mẹ́jọ ni ní Akẹ̀sán, bóyá ẹ ṣì ń jẹun lọ́wọ́. Lọ́ńdọ̀nù ò mọ nǹkan kan lára ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọjọ́ 29 ló kàn wọ́n: aago mẹ́sàn-án yín di aago mẹ́sàn-án tiwọn náà, àwọn tó sì dé ní mẹ́jọ bá ìsọ̀ ní títì.

Àbá tí mo fẹ́ kí ẹ mú nìyí: ẹ fi aago Húsítìnì ṣe aago ìsọ̀ yín, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń wọlé jù. Ẹ ní aago méjì ọ̀sán Húsítìnì ni ẹ ó máa bẹ̀rẹ̀, òjò ì báà rọ̀, òtútù ì báà mú. Nígbà òtútù wọn, aago mẹ́sàn-án alẹ́ nìyẹn lọ́dọ̀ yín. Nígbà ooru wọn, aago mẹ́jọ ni. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ètò yìí ni pé Lọ́ńdọ̀nù náà yóò máa bá yín ní aago mẹ́jọ alẹ́ wọn nígbà méjèèjì. Tòróńtò yóò máa bá yín ní aago mẹ́ta ọ̀sán, nítorí ọjọ́ kan náà ni òun àti Húsítìnì ń yí aago. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó ṣí ní wákàtí kan, àwọn oníbàárà á jókòó síbi tí wọ́n wà. Àmọ́ ọjọ́ Àìkú méjì tàbí mẹ́ta nínú oṣù Kẹta àti ẹyọ kan nínú oṣù Kẹwàá ni Lọ́ńdọ̀nù yóò bọ́ sí aago méje. Ẹ kìlọ̀ fún wọn ṣáájú.

Ẹ má fi orí ka ìyípadà yìí. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣí Google Calendar lórí fóònù, kó kọ ètò náà síbẹ̀, kó tẹ "Time zone", kó sì mú Central Time ti Chicago, nítorí aago kan náà ni Chicago àti Húsítìnì ń lò. Kó ṣọ́ra fún Regina àti Costa Rica tó lè wà nítòsí rẹ̀, torí aago tiwọn kì í yí. Kó wá fi aago méjì ọ̀sán sí i, kó ní kó máa padà wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Fóònù yín yóò máa fi aago Nàìjíríà hàn yín, yóò sì máa ṣí i fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣe é dáadáa, ẹ wo ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá àti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá: ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́, èkejì aago mẹ́sàn-án. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, Chicago kọ́ ló mú.

Ní ti àwòrán tí ẹ ń ṣètò sílẹ̀ kó jáde fúnra rẹ̀, ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, kì í ṣe wákàtí. Ká ní ẹ fẹ́ kí Húsítìnì rí i ní aago mẹ́jọ alẹ́ Àbámẹ́ta, nígbà ooru. Aago méjì òru nìyẹn ní Ọ̀yọ́, ọjọ́ Àìkú sì ti mọ́ ọn lórí. Bí ẹ bá tẹ Àbámẹ́ta, 2:00 AM, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló máa jáde sí wọn. Ẹ tún rántí pé ohun tí ẹ bá ti ṣètò sílẹ̀ kì í tẹ̀ lé ìyípadà aago bíi ti kàlẹ́ńdà. Wákàtí Nàìjíríà tí ẹ tẹ̀ ni yóò jáde sí. Nítorí náà, ẹ má ṣètò kọjá ọjọ́ tí aago wọn máa yí láì tún un wò.

Dùbáì ò lè wọ inú ètò yìí. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi ṣíwájú wa tọdúntọdún, aago mọ́kànlá tàbí méjìlá òru ni láìfù yín ń bá wọn. Ẹ fi fídíò náà sílẹ̀ lójú ìwé yín, kí ẹ sì ṣètò àwòrán mẹ́ta mẹ́rin fún wọn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé wa, tó jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ tiwọn. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ máa lọ láìfù, ìyá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta lálẹ́ kan á pa yín lára.

Bí ẹ bá ń kéde, ẹ kọ orúkọ ìlú ti aago kọ̀ọ̀kan, pé aago méjì Húsítìnì, aago mẹ́jọ Lọ́ńdọ̀nù, kó má baà sí ẹni tó ń ṣírò. Ọjọ́ Àìkú 25 oṣù Kẹwàá ni Lọ́ńdọ̀nù yóò bá yín ní aago méje lọ́dún yìí. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ìsọ̀ láti òní lọ.