Òun Nìkan Kọ́ Ló Kù Lẹ́yìn: Bí Wíwo Ayé Ẹlòmíràn Lórí Fóònù Ṣe Ń Sọ Ẹni Di Kékeré Lójú Ara Ẹni

Ní sáà tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá dìde jókòó lóru, ó ní, "Ó dà bí ẹni pé èmi nìkan ni ayé mi kò tíì bẹ̀rẹ̀." Ẹ jọ̀wọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ni olùkọ́ wa yìn ín níwájú gbogbo kíláàsì! Fóònù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń wo sítátọ́ọ̀sì Wasáàpù láti nǹkan bí wákàtí kan: ẹnì kan ti rí físà gbà, ẹnì kan ra ọkọ̀, ẹnì kẹta ń ṣe ìdána. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú mi lọ wádìí ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí.

Ní ọdún 1954, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Leon Festinger, kọ ọ́ pé olúkúlùkù ènìyàn ló ń fẹ́ mọ ibi tí òun dé. Bí òṣùwọ̀n bá wà, òṣùwọ̀n la ó lò. Bí kò bá sí, ojú aládùúgbò la ó wò. Kóńgò wà fún ìrẹsì, téèpù wà fún aṣọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a fi ń wọn "ǹjẹ́ mo ń ṣe dáadáa?" Ó tún ní ẹni tó bá jọ wá la máa ń fi ara wa wé jù. Ìdí nìyí tí ọrọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì kì í fi í gba oorun lójú ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ẹni tí a jọ kọ Jáàmù lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lára jù lọ wá láti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejì ọdún 2004 ni Fesibúùkù bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Háfáàdì. Kì í ṣe gbogbo ayé ni wọ́n ṣí i fún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbà kan lẹ́yìn òmíràn ni wọ́n ń gbé e wọ̀, títí di ọdún 2006 tí wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ti ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn léèrè nípa ìlera wọn kí Fesibúùkù tó dé. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé mẹ́ta, Luca Braghieri, Ro'ee Levy àti Alexey Makarin, wá fi ìdáhùn àwọn ọgbà tó ti dé wé ti àwọn ọgbà tí kò tíì dé, kó tó dé àti lẹ́yìn tó dé. Wọ́n tẹ àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2022.

Ohun tí wọ́n rí ni pé, níbi tí Fesibúùkù bá dé, àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń pọ̀ sí i láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń sọ pé ìdààmú ọkàn ń ba ẹ̀kọ́ wọn jẹ́ náà sì ń pọ̀ sí i. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló bá o. Àròpọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ó hàn jù lára àwọn tó rọrùn fún láti rí ara wọn bí ẹni tó kù lẹ́yìn, bí àwọn tí kì í gbé inú ọgbà. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ọtí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Fesibúùkù dé ọ̀dọ̀ wọn, pàápàá àwọn tó ń gbé ìta, bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé àwọn ẹgbẹ́ wọn ń mu ọtí ju bí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé ọtí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mu gan-an kò yí padà lọ títí. Àwòrán àríyá ni wọ́n ń rí, wọn kò rí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ń fọ aṣọ. Ní ìgbà yẹn, bọ́tìnnì láìkì pàápàá kò tíì sí. Ọdún 2009 ló dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ènìyàn 120 ló wà lórí fóònù rẹ, tí ayé gbogbo yín sì dọ́gba pátápátá: olúkúlùkù ní ohun ayọ̀ kan ṣoṣo lóṣù, ó sì ń gbé e síta. Lóṣù yẹn, wàá rí ohun ayọ̀ 120, ìyẹn mẹ́rin lálaalẹ́. Tìrẹ jẹ́ ẹyọ kan. Ẹnikẹ́ni kò parọ́, ẹnikẹ́ni kò ṣe fújà, síbẹ̀ gbogbo yín ni ẹ ó lọ sùn pẹ̀lú èrò pé ẹ ti kù lẹ́yìn. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé o fi ọgọ́fà ènìyàn wé ẹnì kan bí ẹni pé ẹnì kan ni wọ́n. Bí àwọn tí ò ń wò bá jẹ́ 15, ohun ayọ̀ kan ni wàá máa rí ní ọjọ́ méjì-méjì, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ẹni tí inú rẹ yóò dùn fún ní tòótọ́.

Nítorí náà, iye ènìyàn la kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dín kù. Ṣùgbọ́n ta ni ká yọ? Ohun tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣe nìyí. Fún ọjọ́ méje, kí ó tó ṣí fóònù, ó ń kọ bí ara rẹ̀ ti rí sínú ìwé, láti 1 dé 10. Bó bá parí, ó tún ń kọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń rò. Àlàyé ọ̀sẹ̀ náà kò fara jọ ohun tí a rò. Àwọn ọlọ́rọ̀ kò já sí nǹkan kan. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń padà wá ṣáá, gbogbo wọn ló jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní girama. Ní alẹ́ tó bá bá ẹnì kan nínú wọn sọ̀rọ̀, 6 lè di 7. Ní alẹ́ tó bá kàn ń wò láìsọ nǹkan, 6 ń di 3.

Bí ìwọ náà bá ti mọ orúkọ wọn, tẹ sítátọ́ọ̀sì ẹni náà mọ́lẹ̀ díẹ̀ lórí Wasáàpù, kí o sì mú Mute. Òun kò ní mọ̀, ọ̀rẹ́ yín kò sì bàjẹ́; o ṣì lè pè é. Lórí Ínsítágíráàmù, Mute wà lábẹ́ Following lójú ewé ẹni náà.

Ti àkókò ńkọ́? Ní yunifásítì Pẹnsilfáníà, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ 143 jọ, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2018. Wọ́n ní kí àwọn kan máa lo ìṣẹ́jú 10 péré lóòjọ́ lórí Fesibúùkù, 10 lórí Ínsítágíráàmù, 10 lórí Sínápúṣáàtì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn yòókù ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe. Ìdánìkanwà àti ìrẹ̀wẹ̀sì dín kù lára àwọn tó dín in kù. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín: bí wọ́n ti ka ara wọn sí kò yí padà dé ibi tí a lè tọ́ka sí. Dídín àkókò kù ń mú ẹrù kúrò lórí, kò fi òṣùwọ̀n lé ọ lọ́wọ́.

Òṣùwọ̀n yẹn ni Festinger ń wí, a sì lè wá a. Ọ̀rẹ́ mi ya ìlà sẹ́yìn ìwé kan náà, ó kọ máàkì rẹ̀ ti sáà méjì tó kọjá síbẹ̀, ó kọ iye ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ tó lè dáhùn láìwo ìwé. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ èyí, ó ti di méje, ó sì ń dà mí láàmú pé kí n wá ṣàlàyé ìkẹjọ fún òun.