Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ ka ìlera àwùjọ: kí ló yẹ kí àlàyé rẹ̀ sọ?

*Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Òkè-Ògùn. Mo fẹ́ lọ ka másítà ìlera àwùjọ ní yunifásítì kan ní Ìlú Ọba. Wọ́n ní kí n kọ àlàyé nípa ara mi, kó má ju 500 ọ̀rọ̀ lọ. Lọ́dún tó kọjá, yunifásítì mìíràn ò gbà mí, wọ́n ní àlàyé mi ò fi hàn pé mo mọ ohun tí mo fẹ́ lọ kà. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀? Èmi ni, Nọ́ọ̀sì, Òkè-Ògùn.*

Àbúrò mi, mo ka àlàyé rẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ dáa. Ẹni tó bá kà á yóò gbà ọ́ síṣẹ́ nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí ìdí tó fi yẹ kó fún ọ ní àyè nínú kíláàsì ìlera àwùjọ. O fi ìpínrọ̀ kìíní sọ pé láti kékeré lo ti fẹ́ràn àtimáa tọ́jú aláìsàn. Florence Nightingale ló gba ìpínrọ̀ kejì. Ìkẹta ni ìtàn ọmọdébìnrin tí èéyi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, tí o dúró tì títí ilẹ̀ fi mọ́. O ṣeun tí o dúró tì í. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù wọ̀nyí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nọ́ọ̀sì a máa tọ́jú èèyàn. Ẹni tí wọ́n ń wá ni ẹni tó ti ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí àìsàn kan náà ń kó ọmọ wá láti àdúgbò kan náà. (Bó bá sì jẹ́ pé dandan ni kí Nightingale wọ̀ ọ́, iye ikú àwọn ọmọ ogun tó kà, tó sì yà sínú àwòrán lẹ́yìn ogun Kiriméà ni kí o mú wá. Fi àtùpà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.)

Ohun tí mò ń wá, ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì ni mo ti rí i, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. O ní nígbà tí èéyi pọ̀ ní wọ́ọ̀dù yín, o wo káàdì àjẹsára àwọn ọmọ náà, àwọn ìyá kan sì sọ fún ọ pé àwọn gbé ọmọ lọ sí ilé ìlera alábọ́dé, wọ́n ní kí àwọn padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Bí o ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn, o bọ́ sórí ìwé ẹ̀rí. Gbólóhùn yẹn gan-an ni àlàyé rẹ. Ìyókù lè máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ìwọ náà mọ ohun tó lè fà á jù mí lọ, àmọ́ o ò kọ ọ́. Ọmọ 10 ni ìgò abẹ́rẹ́ èéyi kan wà fún. Ìyẹ̀fun ni, omi ni wọ́n fi ń pò ó, bí wọ́n bá sì ti pò ó, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 6 lọ. Ohun tó bá ṣẹ́kù, dídànù ni. Bí ọmọ méjì péré bá wá lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́ ilé ìlera á ro ti mẹ́jọ tó máa ṣòfò àti ọ̀gá tó máa béèrè ìdí, á ní kí ìyá padà wá. Ìyá tó ti oko jìnnà wá lè má padà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí wọ́n ṣí ìgò, ì báà ṣe ọmọ kan ló wá. Láàárín ìmọ̀ràn yẹn àti ohun tí òṣìṣẹ́ ń ṣe lójúde ilé ìlera ni ìlera àwùjọ wà. Ìwọ sì rí i láti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ọmọ tí wọ́n dá padà ti ń bọ̀ wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nítorí náà, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyí: “Láàárín oṣù mélòó kan, ọmọ tó ní èéyi pọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ métírọ́ọ̀nù, mo ṣí rẹ́jísítà, mo yẹ káàdì àwọn ọmọ náà wò. Púpọ̀ nínú wọn ti kọjá oṣù 9 tó yẹ kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ èéyi àkọ́kọ́, kò sì sí àmì rẹ̀ lórí káàdì. Mo bi àwọn ìyá léèrè ìdí.” Níbi tí mo ti kọ “púpọ̀”, iye tó wà nínú rẹ́jísítà ni kí o kọ: mélòó, nínú mélòó. Má kọ orúkọ ọmọ kankan, má sì dárúkọ abúlé. Bí métírọ́ọ̀nù ò bá tíì fún ọ láṣẹ, lọ tọrọ rẹ̀ kí o tó ka ohunkóhun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ti ń ṣubú ló tẹ̀ lé e. Wọ́n á ka rẹ́jísítà tán, wọ́n á kọ pé “ìdajì àwọn ọmọ àgbègbè wa ni kò gba abẹ́rẹ́.” Rẹ́jísítà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí àìsàn mú, tí wọ́n sì gbé wá, nìkan ló wà níbẹ̀. Èyí tó gba abẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ le, kò sí níbẹ̀. Èyí tó kú sílé kò sí níbẹ̀. O ò sì mọ iye ọmọ tó wà ládùúgbò lápapọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá nìkan náà ò tó: abẹ́rẹ́ lè ti tán lọ́jọ́ náà, fíríìjì lè ti bàjẹ́, bàbá ọmọ sì lè ti kọ̀. Kọ ọ́ báyìí pé ohun tí o rí mú ọ fura, ṣùgbọ́n o ò lè fi í dá ẹjọ́. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù yóò dúró síbẹ̀, nítorí gbólóhùn yẹn ló fi hàn pé o mọ ohun tí o fẹ́ wá kọ́.

Ibẹ̀ náà lo máa gbà wọnú ẹ̀kọ́ wọn. Lọ ka orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ másítà náà, kí o mú méjì péré tó bá ìṣòro rẹ mu: bí wọ́n ṣe ń yan ilé tí wọ́n máa bi léèrè kí èsì má baà fì sí apá kan, àti bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n iṣẹ́ ilé ìlera. Má yin yunifásítì náà pé òkìkí rẹ̀ kàn káyé. Wọ́n mọ̀.

Nínú 500 ọ̀rọ̀, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ èéyi gba ìdajì. Ìwé ẹ̀rí rẹ kò ju ìpínrọ̀ kékeré kan lọ, torí wọ́n ti rí i lórí fọ́ọ̀mù. Bí máàkì kan bá wà tí ò dáa tó tí o ń bẹ̀rù rẹ̀, gbólóhùn kan ni kí o fi sọ ọ́, má ṣe ṣàlàyé rẹ̀ títí. Ní ti ohun tí wàá ṣe bí o bá parí, “mo fẹ́ ran Áfíríkà lọ́wọ́” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Sọ pé ètò àjẹsára ìpínlẹ̀ lo fẹ́ bá ṣiṣẹ́, lórí àwọn ọmọ tó dé ilé ìlera tí wọ́n sì padà láìgba abẹ́rẹ́.

Bóyá o tún ń rò ó pé o lè fi àlàyé kan náà tọrọ owó ẹ̀kọ́ Chevening. Má dán an wò. Àwọn yẹn ń béèrè nípa ipò aṣáájú àti ètò iṣẹ́ rẹ lọ́tọ̀, wọ́n sì ń fẹ́ kí o padà sílé fún ọdún méjì ó kéré tán. Kọ tiwọn lákọ̀tun.

Ní ti ọmọdébìnrin yẹn, yọ ọ́ kúrò. Kọ èyí tuntun, fi han ẹnì kan tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kí o sì ní kó sọ fún ọ ohun tí o fẹ́ lọ kà. Bí kò bá lè sọ ọ́, má tíì fi ránṣẹ́.